Ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ yìí kọ: owó oṣù àdúgbò tí a kò tíì rí gbà

Akọ̀wé Tuntun (Ìgbógbó, Ìkòròdú)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kejì mi rèé nípò akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Alága ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù Wọ́sáàpù wa lórí owó oṣù tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì san. Ọ̀sán òní ni mo kọ ọ́, lẹ́yìn tí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́dẹ wa wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà pé owó oṣù òun lòun ń retí kí òun tó lè san owó ilé ìwé ọmọ òun. Inú ń bí mi gan-an bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọkọ mi kà á, ó ní kí n má tíì fi ránṣẹ́. Ó lọ báyìí:

> Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú wa. Ẹ̀yin ajẹgbèsè àdúgbò yìí, ẹ mọ ara yín. Ẹ ń sùn fọnfọn lóru, àwọn ọlọ́dẹ ń ṣọ́ yín, ẹ ò sì san kọ́bọ̀. Àwọn kan nínú yín ń gun mọ́tò ńlá, ẹ ń náwó lóde ní gbogbo Sátidé, owó àdúgbò ni ẹ kò rí san. Bí ẹ kò bá san án kíákíá, a máa lẹ orúkọ yín mọ́ géètì, a ó sì ti géètì mọ́ yín. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Mo fẹ́ kó ní ọ̀wọ̀, àmọ́ n kò fẹ́ kó rọ̀ débi tí wọ́n á fi kà á kọjá.

Ọmọ Sábó

Èmi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2008 ló gbé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò kalẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni. Òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹ lẹ orúkọ, ẹ ti géètì, owó á jáde. Ní àdúgbò tí mo gbé tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fi gba gbogbo ẹ̀.

Ìyá Alájọ (Ẹ̀pẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ àjọ, ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ti kó àjọ tirẹ̀ bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o ló yẹ kó ní onígbọ̀wọ́. Èmi máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì, ọjọ́ tó bá dá owó ni mo ń fa ìlà sí i, níwájú ẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń ṣe é báyìí.

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ ṣeun mà. Kì í ṣe àjọ o, mà. Owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣooṣù fún àwọn ọlọ́dẹ, iná ojú títì àti kíkó gọ́tà ni. Ẹnikẹ́ni kì í kó o padà.

Ìyá Alájọ (Ẹ̀pẹ́)

Háà, mo ti gbọ́. Àjọ ni mo kà á sí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ káàdì yẹn, ẹ má jù ú nù.

Akápò Àná (Ìjẹ̀dẹ́)

Akọ̀wé, o kú ìnira. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akápò ní àdúgbò wa níbí kí n tó gbé ìwé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí a tó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tí o kọ, mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ilé mélòó ni ẹ jẹ́, èló sì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san? Mélòó ló ti san ti oṣù yìí? Èyí tó ṣe pàtàkì jù: báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé àwọn tó kù kò san?

Akọ̀wé Tuntun

Ilé 48 ni wá, mà. ₦4,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló san ti oṣù Kẹsàn-án. Nínú àwọn mọ́kànlélógún tó kù, mẹ́sàn-án jẹ oṣù kan, mẹ́jọ jẹ oṣù mẹ́ta, mẹ́rin sì jẹ oṣù méje. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦244,000. Ọlọ́dẹ méjì la ní, ₦65,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Owó tó wọlé fún oṣù yìí, ₦108,000 ni, kò tilẹ̀ tó owó àwọn ọlọ́dẹ, ká má tíì sọ ti gọ́tà.

Ní ti bí a ṣe mọ̀, inú ìwé akápò ni mo ti wò ó. Ẹni tí kò bá ní àmì níwájú orúkọ ẹ̀, kò san nìyẹn.

Akápò Àná (Ìjẹ̀dẹ́)

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Bóyá ni àmì tí kò sí nínú ìwé fi hàn pé ẹnìkan kò san. Ohun tó fi hàn ni pé akápò kò mọ owó ẹni tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Bàbá kan wà ní òpópónà wa tí kì í lo fóònù ńlá. Ọ̀dọ̀ oníPọ́ọ̀sì tó wà ní ìkángun àdúgbò ló ti ń san owó ẹ̀. Bí àlẹ́ẹ̀tì bá wọlé, orúkọ oníPọ́ọ̀sì la máa ń rí. Èmi kò mọ ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń kọ owó náà sí ojú ewé ẹ̀yìn pé "kò lólúwa". Oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn náà la ka orúkọ bàbá náà níwájú ìpàdé pé ó jẹ gbèsè. Ó dìde, ó lọ ilé, ó kó bébà oníPọ́ọ̀sì márààrún wá, ó tò wọ́n sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo. Ó kàn bọ́ síta, kò sì wá ìpàdé mọ́ títí tí mo fi gbé ìwé sílẹ̀. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́ta. Ó dáhùn mi dáadáa, àmọ́ kò padà wá.

Nítorí náà, ní alẹ́ òní, má kọ nǹkan kan. Ní kí akápò yín tẹ àkọsílẹ̀ báńkì jáde láti oṣù Kẹta, kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó, kí ẹ máa fi owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé wá ilé tó ni ín nínú ìwé. Èyí tí ẹ kò bá rí olúwa ẹ̀, ẹ pe ilé tí ẹ fura sí, ẹ béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó padà wá síbí.

Ayálégbé Ágíríìkì

Ẹ ṣeun, mà. Èmi náà ti wà níbẹ̀ rí. Lánlọ́ọ̀dù gba owó àdúgbò lọ́wọ́ wa mọ́ owó ilé, kò kó o fún ẹgbẹ́. Àwa tí à ń gbé inú ilé ni wọ́n ń pè ní ajẹgbèsè nínú gúrúùpù, tí ọmọ mi ọdún mẹ́rìnlá ń kà á. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kò mọ̀ pé a ti san. Akọ̀wé, ẹ rántí o, ayálégbé pọ̀ nínú gúrúùpù yín, wọn kò sì mọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti onílé.

Tíṣà Yorùbá

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èdè ẹ̀, torí inú èdè ni ọ̀wọ̀ wà.

Ẹ wo ọ̀nà mẹ́ta tí èèyàn lè gbà sọ ohun kan náà. Àkọ́kọ́, "ẹ̀yin ajẹgbèsè". Ìyẹn sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ẹ ti fún wọn lórúkọ. Èkejì, "ẹ̀yin tí ẹ kò san". Ìyẹn sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ̀sùn ni síbẹ̀. Ẹ̀kẹta, "a kò tíì rí owó yín gbà". Ìyẹn sọ ohun tí ẹ̀yin rí. Ẹ̀kẹta yìí ni kí ẹ lò. Kì í ṣe nítorí pé ó dùn létí nìkan, òun nìkan ni ohun tí ẹ lè búra lé lórí. Bàbá tí Ìyá wa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lókè yìí, ká ní "a kò tíì rí owó yín gbà" ni wọ́n sọ fún un, á kàn dáhùn pé "ó dára, ẹ gbà, bébà ẹ̀ rèé" ni. Kò ní sí ẹ̀tẹ́ kankan níbẹ̀.

Ìkejì: ẹ yọ mọ́tò àti òde Sátidé kúrò. Ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó ti san ni yóò ka ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ni wọ́n ni mọ́tò ńlá tí ẹ ń sọ. Ẹni tó ti san tó sì gba èébú kò ní san ti oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú inú dídùn.

Ìkẹta: òwe tó kẹ́yìn yẹn. "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n" dára lẹ́nu àgbà tó bá ti sọ ohun tó fẹ́ sọ tán. Nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ kò tíì sọ iye owó, ẹ kò sọ ọjọ́, ẹ kò sọ ibi tí wọ́n á san án sí. Bí mo bá fẹ́ san lálẹ́ òní, n kò mọ ibi tí máa gbé e gbà.

Akọ̀wé Tuntun

Tíṣà, ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ sọ ọ́ ni mo tó rí i pé mi ò fi iye owó sí i rárá. Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ Sábó

Ó dáa, mo gbọ́ ti èdè. Ti géètì ńkọ́? Bí ẹ kò bá dẹ́rù bà wọ́n, ta ni máa san?

Akápò Àná (Ìjẹ̀dẹ́)

Ọmọ Sábó, òótọ́ ni apá kan ọ̀rọ̀ ẹ. Òfin 2008 wà, òun ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa lè forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àmọ́ kò sọ wá di ọlọ́pàá. Ẹni tó ń gbé nínú ilé ẹ̀, bí o bá ti géètì mọ́ ọn ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí obìnrin tó fẹ́ bímọ wà nínú ọkọ̀ ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ ni ẹjọ́ á padà sí. Bákan náà ni iná ilé ènìyàn, kì í ṣe tiwa láti gé. Ẹni tó bá wá jẹ́ pé ó lówó tó sì kọ̀ jálẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò kọ ìwé sí i, alága á lọ bá a nílé pẹ̀lú àgbà méjì. Bí ìyẹn kò bá yanjú ẹ̀, ilé iṣẹ́ ìlàjà aráàlú wà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ wá.

Ohun mìíràn nípa ìhàlẹ̀: ohun tí ẹ kò ní lè ṣe, ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹ máa ti géètì, tí ọjọ́ pé tí ẹ kò tì í, gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá tún dá lẹ́yìn ìyẹn ti di ọjọ́ eré lójú wọn.

Ẹlẹ́rọ

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Wọ́sáàpù kún un. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, Wọ́sáàpù máa ń ká a, á fi `Read more` sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kì í tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, iye owó àti ọjọ́ gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá, kì í ṣe lẹ́yìn ìkíni gígùn. Bí ẹ bá fi ìràwọ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀, bíi `*₦4,000*`, á hàn ní dúdú kirikiri. Ẹ̀ẹ̀kan péré tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ ṣe é, bí gbogbo ẹ̀ bá dúdú, kò sí èyí tó máa yọ mọ́.

Nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀, òun nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn lára ẹ̀, kí èèyàn lè dà á kọ tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ òkè gúrúùpù. Ẹ lè yàn án fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọjọ́ méje tàbí ọgbọ̀n ọjọ́. Bí àṣìṣe bá wà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ ní láti tún un ṣe, lẹ́yìn ìyẹn ó ti di pípa rẹ́ tàbí kíkọ òmíràn.

Ohun kan tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn gbájúẹ̀ ti mọ̀ nípa gúrúùpù àdúgbò. Wọ́n á jí fóònù ẹnìkan, wọ́n á kọ ọ́ pé "àkáǹtì wa ti yí padà". Ẹ kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ yín pé àkáǹtì kò ní yí padà láìjẹ́ pé ìpàdé gbọ́ ọ. Ẹ sì rí i pé orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí àkáǹtì, kì í ṣe orúkọ akápò.

Onílé Òkèèrè

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ní ilé kan ní Àgbádárìgì, n kò gbé ibẹ̀. Ilé náà ṣófo láti bí ọdún kan ààbọ̀, kò sí ayálégbé, kò sí iná, koríko ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò ń kọ owó oṣù sí mi lọ́rùn. Mo ní kí ni àwọn ọlọ́dẹ ń ṣọ́? Wọ́n ní ilé. Ṣé ó yẹ kí n san án?

Ìyá Alájọ (Ẹ̀pẹ́)

Bí olè bá kó ìlẹ̀kùn àti wáyà ilé yẹn lọ, ṣé o ò ní bi àwọn ọlọ́dẹ pé níbo ni wọ́n wà?

Onílé Òkèèrè

Màá bi wọ́n, mà. Àmọ́ kíkó gọ́tà àti iná ojú títì ńkọ́? Èmi kì í lò ó.

Akápò Àná (Ìjẹ̀dẹ́)

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ní àdúgbò wa, ìdajì ni ilé tó ṣófo ń san, ìpàdé ló fẹnu kò sí i. Àdúgbò kejì sí wa ní kí wọ́n san án pé. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó yẹ kí ó wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ yín kí gbèsè tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Akọ̀wé, ṣé ilé òfo wà lára àwọn mẹ́rin tó jẹ oṣù méje yẹn?

Akọ̀wé Tuntun

Méjì ni, mà. N kò ronú kàn án rí. Ìwé òfin wa kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Mo padà wá lórí èyí tí ẹ rán mi. Àná, lẹ́yìn ìrun, èmi àti akápò jókòó ti àkọsílẹ̀ báńkì fún wákàtí méjì. A rí owó mẹ́ta tí kò lólúwa: ₦12,000 kan, ₦4,000 méjì. Ọ̀kẹ́ kan gbáko! ₦12,000 náà wá láti ọwọ́ oníPọ́ọ̀sì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Mo pe Ìyá kan tí a kọ pé ó jẹ oṣù mẹ́ta. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Mo ṣáà ti san án lọ́jọ́ ọjà." Ọjọ́ àti iye bá ara mu. ₦4,000 kan jẹ́ ti ilé kan tí àbúrò onílé bá a san, orúkọ àbúrò ló wà lórí ẹ̀. Ìkẹta, a kò tíì mọ olúwa ẹ̀ títí di báyìí.

Nítorí náà, ilé 29 ló ti san ti oṣù yìí, mọ́kàndínlógún ló kù. Gbogbo owó tó wà níta jẹ́ ₦228,000, kì í ṣe ₦244,000. Ká ní mo fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́, tí a sì lẹ orúkọ mọ́ géètì, orúkọ Ìyá tó san oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni ìbá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Mo ti tún un kọ. Ẹ wò ó:

> Ẹ̀yin ará àdúgbò wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ owó oṣù Kẹsàn-án ni: *₦4,000 fún ilé kan, kí ọjọ́ Jímọ̀ 10 oṣù Kẹwàá tó kọjá.*
>
> Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ilé 29 tí owó yín ti wọlé. A kò tíì rí owó ilé 19 gbà. ₦116,000 ló wọlé fún oṣù yìí, owó àwọn ọlọ́dẹ wa méjèèjì nìkan sì jẹ́ ₦130,000. A kò tíì lè san owó wọn pé.
>
> Iye tó kù fún ilé kọ̀ọ̀kan, akápò yóò fi ránṣẹ́ sí ilé náà níkọ̀kọ̀. A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Bí ẹ bá ti san án tí a kò rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi rìsíìtì tàbí bébà oníPọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí akápò, a ó tún ìwé wa ṣe lọ́jọ́ náà. A ti rí irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.
>
> Bí ẹ bá ń san owó, ẹ kọ nọ́ńbà ilé àti oṣù sí i, báyìí: `Ile 14 Osu 9`. Nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé èyí. Kò ní yí padà láìjẹ́ pé ìpàdé gbọ́.
>
> Bí kò bá rọrùn láti san án lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pe alága tàbí èmi kí ọjọ́ náà tó pé, a ó jọ wá bí a ó ṣe pín in. Ẹ ṣeun, a dúpẹ́.
>
> Akọ̀wé, lórúkọ ìgbìmọ̀.

Tíṣà Yorùbá

Ó ti kún. Ohun méjì péré. "A ti rí irú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí", mo fẹ́ràn ẹ̀ púpọ̀, ẹ má yọ ọ́. Ó fi hàn pé ẹ̀yin náà lè ṣe àṣìṣe, ẹni tó ti san á lè sọ̀rọ̀ láìbínú. Èkejì, "a kò tíì lè san owó wọn pé": ẹ sọ ọ́ di "a kò tíì lè san owó àwọn tó ń ṣọ́ wa lóru pé." Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ayálégbé Ágíríìkì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbólóhùn kan kún un fún àwa ayálégbé: bóyá onílé ló ń san án ni tàbí ẹni tó ń gbé inú ilé. Bí ilé bá ní fúlátì mẹ́rin, ṣé ₦1,000 ni kálukú máa dá ni, àbí ẹnìkan máa san án pé?

Akọ̀wé Tuntun

Ilé ló ń san án, onílé ni a sì ń bi. Bí onílé àti ayálégbé ṣe pín in, ọwọ́ wọn ló wà. Mo máa kọ ọ́ pé "onílé tàbí aṣojú ẹ̀ ni a ń retí lọ́wọ́ ẹ̀", kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin la ń bá wí.

Ọmọ Sábó

Mo gbà pé ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ mo ṣì ní ìbéèrè kan. Ṣé ẹ ò lè fi orúkọ àwọn tó ti san síta dípò àwọn tó kù? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sùn, ìyìn ni.

Akápò Àná (Ìjẹ̀dẹ́)

A ṣe é rí. Ó mú owó wọlé, n kò ní purọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ka ilé 29 tó wà níbẹ̀ lè ṣírò 19 tó kù láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé ẹ ti ka orúkọ wọn náà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ó yẹ kí ìpàdé kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí ó sì jẹ́ nọ́ńbà ilé, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa ṣì fara mọ́ ọn. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Akọ̀wé, nípa ti ìkọ̀kọ̀: ẹni tó bá jẹ oṣù kan, ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù tó o. Ẹni tó jẹ oṣù mẹ́ta, pè é. Ẹni tó jẹ méje, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi lọ. Mo rí i ní gbogbo ọdún yẹn pé ẹni tí gbèsè ẹ̀ ti pọ̀, ìtìjú ni kì í jẹ́ kó dáhùn lórí fóònù. Bí o bá délé ẹ̀, bi í pé: "Bóyá ₦4,000 ti oṣù yìí àti ₦4,000 ti èyí tó ti kọjá, lóṣooṣù, ńkọ́?" Ẹni tó ń jẹ ₦28,000 kò rí ibi tó máa bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ń san ₦8,000 lóṣù, oṣù méje ni gbogbo ẹ̀ máa kúrò nílẹ̀.

Ìyá Alájọ (Ẹ̀pẹ́)

Ibẹ̀ ni káàdì mi ti wúlò. Fún ẹni yẹn ní káàdì, kí o máa fa ìlà sí i níwájú ẹ̀. Ẹni tó bá rí i tí ìlà ń pọ̀ sí i á fẹ́ parí ẹ̀.

Akọ̀wé Tuntun

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ ní aago méje alẹ́ Sunday, Ẹlẹ́rọ, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ìròyìn tí mo ní rèé, ọjọ́ Jímọ̀ náà ti kọjá lánàá.

Ilé mọ́kànlá nínú mọ́kàndínlógún ti san ti oṣù Kẹsàn-án. ₦44,000 wọlé, ọwọ́ àwọn ọlọ́dẹ wa méjèèjì ti tẹ owó wọn pé láàárọ̀ òní. Ní ti nọ́ńbà ilé tí a ní kí wọ́n kọ, mẹ́jọ nínú mọ́kànlá ló kọ ọ́, a ní láti pe àwọn mẹ́ta tó kù ká tó mọ̀ wọ́n. Ìyá tó san lọ́dọ̀ oníPọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Akọ̀wé, mo rí i pé o wá mi kí o tó sọ̀rọ̀. Ọlọ́run á wá tìẹ náà." N kò mọ ohun tí mo máa fi dáhùn, mo kàn kúnlẹ̀ lórí fóònù.

Alága àti àgbà méjì ti lọ sí ilé kan nínú àwọn mẹ́rin tó jẹ oṣù méje. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá ibẹ̀ láti oṣù Kẹta. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ̀, a sì ń gbé òpópónà kan náà. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ₦2,000, a gbà á. Èkejì kò ṣílẹ̀kùn. Àwọn méjì tó ṣófo, a ti fi ọ̀rọ̀ wọn sí ètò ìpàdé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí. Onílé Òkèèrè, ẹ bá mi gbàdúrà, torí ẹnu wa kò tíì kò.

₦4,000 kan tí kò lólúwa ṣì wà lójú ewé ẹ̀yìn. Akápò kọ ọ́ ní bírò pupa: "a ń wá ẹ."